Àṣàyàn 150 nínú ènìyàn 240: báwo la ṣe ń ṣe àtúnṣe àpapọ̀ tó lópin?

Adéṣọlá_K

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa ní ọmọ ẹgbẹ́ 240. A fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n á gbà kí owó ìdákọ oṣooṣù kúrò ní ₦5,000, kó di ₦10,000. A kọ orúkọ gbogbo wọn sórí bébà kéékèèké, a ká a, a dà á sínú abọ́, a pò ó pọ̀ dáadáa, a sì mú 150 jáde láìwojú. Gbogbo àwọn 150 náà ló dá wa lóhùn: 96 ní bẹ́ẹ̀ ni, 54 ní rárá. Ìyẹn jẹ́ 64%.

Kọ̀ǹpútà ní ti gbogbo ẹgbẹ́ wà láàárín 56.3% sí 71.7%. Ẹnìkan wá sọ fún mi pé àlàfo yẹn gbòòrò jù, pé níwọ̀n ìgbà tí a ti bi èyí tó ju ìdajì ẹgbẹ́ lọ, àtúnṣe kan wà tí wọ́n ń pè ní `fpc` tó yẹ kí n ṣe. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é, kí ló sì fà á tó fi yẹ? Ó ṣe pàtàkì nítorí òfin wa sọ pé ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn ènìyàn 160, ló gbọ́dọ̀ fara mọ́ irú àyípadà yìí.

Gbajúmọ̀_Fọ́múlà

Kò le rárá. Bí àṣàyàn bá ti ju 5% àpapọ̀ lọ, èyí ni kó o fi ṣe ìsọdipúpọ̀ àṣìṣe rẹ:

```
sqrt((N - n) / (N - 1))
```

N rẹ jẹ́ 240, n jẹ́ 150. 90 pín sí 239, gbòǹgbò rẹ̀ jẹ́ 0.614. Ohunkóhun tí kọ̀ǹpútà bá gbé jáde fún ọ, fi 0.614 sọ ọ́ di púpọ̀: ìpín, ìfiwéra ọkùnrin àti obìnrin, gbogbo rẹ̀ pátá. Ó parí.

Àkàndé_Olùṣirò

Nọ́ńbà rẹ dára, Gbajúmọ̀, ṣùgbọ́n n kò bá ọ dé ibi "gbogbo rẹ̀ pátá" yẹn. Màá padà síbẹ̀.

Adéṣọlá, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìdí rẹ̀, torí ẹni tó bá mọ ìdí kò ní ṣì í lò. Àwọn 150 tí ẹ bi, ẹ ti mọ èrò wọn. Kò sí iyèméjì kankan lórí wọn mọ́. Àwọn 90 tí bébà wọn ṣì wà nínú abọ́ nìkan ni ẹ kò mọ̀. Ìṣirò tí kọ̀ǹpútà kọ́kọ́ ṣe fún ọ kò mọ̀ bẹ́ẹ̀: lójú tirẹ̀, ẹ mú 150 láti inú ogunlọ́gọ̀ tí kò lópin, débi pé àwọn tí ẹ kò tíì bi pọ̀ bí iyẹ̀pẹ̀. Bí ẹ bá tiẹ̀ bi 240 pé, yóò ṣì máa bá yín sọ̀rọ̀ àlàfo, nígbà tó jẹ́ pé kíkà lásán ló kù.

Àtúnṣe náà kò ṣe ju pé kó dín àṣìṣe kù ní ìwọ̀n ohun tó ṣẹ́ kù tí a kò mọ̀. Ohun tí ẹ ti mú jẹ́ 150/240, ìyẹn 0.625. Ohun tó kù jẹ́ 0.375. Gbòǹgbò 0.375 jẹ́ 0.612.

```
láìsí àtúnṣe:  sqrt(0.64 * 0.36 / 149) = 0.0393
àtúnṣe:        sqrt(1 - 150/240)       = 0.612
lẹ́yìn àtúnṣe:  0.0393 * 0.612          = 0.0241
ìhà kọ̀ọ̀kan:    1.96 * 0.0241           = 0.047
```

Nítorí náà, 64% ní àlàfo 4.7% sókè àti sísàlẹ̀: 59.3% sí 68.7%. Kí ọ̀rọ̀ lè yé ìgbìmọ̀ yín, sọ ọ́ di ènìyàn. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ń sọ fún yín pé àwọn tó fara mọ́ ọn nínú gbogbo ẹgbẹ́ wà láàárín 135 sí 172. Nísinsìnyí, ó di 142 sí 165.

Wo 160 tí òfin yín bèèrè: ó ṣì wà nínú àlàfo náà. Àtúnṣe yìí kò tíì dáhùn ìbéèrè yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó dín àlàfo kù gan-an. 96 ti wà nílẹ̀. Kí ó tó pé 160, àwọn 64 nínú 90 tó kù gbọ́dọ̀ sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn jẹ́ 71% wọn, ó sì ga ju 64% tí ẹ rí lọ. Ó lè ṣẹlẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí èmi máa kọ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun tó dájú.

Gbajúmọ̀_Fọ́múlà

Ẹ̀gbọ́n, 0.612 ni tiyín, 0.614 ni tèmi. Èwo ló tọ̀nà?

Àkàndé_Olùṣirò

Méjèèjì ní ibi tí wọ́n ti wá. N - 1 tìrẹ bá ìṣirò mu nígbà tí a bá fi N pín ìyàtọ̀ gbogbo àpapọ̀. Tèmi bá a mu nígbà tí a bá fi n - 1 pín ìyàtọ̀ inú àṣàyàn, ohun tí a sábà máa ń ṣe nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi kọ 149 dípò 150 lókè. Lórí ènìyàn 240, ìyàtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Má jẹ́ kó dá iṣẹ́ dúró.

Túndé_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ bá mi dá sí i. Fọ́múlà Yamane ni alábòójútó wa ní ká lò láti mọ iye ènìyàn tí a máa yàn. Àpapọ̀ tèmi náà jẹ́ 240, mo fẹ́ àlàfo 5%:

```
n = N / (1 + N * e^2)
  = 240 / (1 + 240 * 0.0025)
  = 240 / 1.6
  = 150
```

Nígbà tí mo wá kà níbì kan pé àpapọ̀ kékeré ń fẹ́ àtúnṣe, mo tún fi 150 yẹn sínú fọ́múlà kejì: 150 / (1 + 149/240), ó sì fún mi ní 93. Inú mi dùn, torí owó ìtẹ̀wé ìwé ìbéèrè máa dín kù. Ṣé 93 yẹn dúró?

Ọ̀mọ̀wé_Bísí

Kò dúró, Túndé. Ẹ̀ẹ̀mejì lo ti ṣe àtúnṣe kan náà. Àṣìṣe yìí pọ̀ nínú iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́, torí fọ́múlà Yamane kò kọ ọ́ síwájú orí pé òun ti gbé àtúnṣe náà sínú.

Wo bí wọ́n ṣe rí i. Mú àlàfo tí a ti ṣe àtúnṣe fún, fi ara rẹ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, fi 2 rọ́pò 1.96, kí o sì mú ìpín tó burú jù, ìyẹn 0.5:

```
e^2 = 4 * 0.25 / n * (N - n) / N
```

4 lọ́nà 0.25 jẹ́ 1, ìdí nìyẹn tí o kò fi rí wọn mọ́ nínú fọ́múlà. Wá n jáde, yóò sì di N / (1 + N * e^2). Apá (N - n) / N yẹn gan-an ni àtúnṣe tí à ń sọ. Ó ti wà níbẹ̀ kó o tó débẹ̀.

Bó o bá fẹ́ rí àpá ohun tó bàjẹ́, dán 93 wò. Bí ìpín bá jẹ́ ìdajì, tí o sì ṣe àtúnṣe tó yẹ (1 - 93/240, gbòǹgbò rẹ̀ 0.783), àlàfo rẹ á jẹ́ 8%. 5% lo ṣèlérí ní orí kẹta, 8% lo máa gbà ní orí kẹrin. Bó o bá lo 150, ó máa jẹ́ 4.9%.

Fọ́múlà kejì tí o lò kò burú, ṣùgbọ́n ti Cochran ni. Nọ́ńbà tó yẹ kó wọ inú rẹ̀ ni èyí tí kò tíì mọ ohunkóhun nípa N, ìyẹn 384 fún àlàfo 5%. 384 / (1 + 383/240) fún ọ ní 148. Yàn ọ̀kan nínú méjèèjì. 150 àti 148 kò jìnnà síra, 2 dípò 1.96 ló fa ìyàtọ̀ wọn.

Àìdọ́gba kan tún wà tí kì í hàn. Àwọn kan ń lo Yamane láti yan 150, wọ́n sì padà ń ròyìn àlàfo láìsí àtúnṣe. Ìyẹn máa gbé 8% jáde fún wọn, wọ́n á wá máa ṣe kàyéfì pé kí ló gbé 5% tí àwọn pète lọ. Àtúnṣe tí o lò nígbà tí ò ń pète ni kó o lò nígbà tí ò ń ròyìn.

Túndé_Akẹ́kọ̀ọ́

Ẹ ṣé gan-an, mà. 150 ni màá tẹ̀.

Ìyá_Tólú

Ẹ kú ìjíròrò. Tèmi náà bá èyí mu. Àwa nọ́ọ̀sì 80 la wà níbi iṣẹ́ wa. Mo fún gbogbo wa ní ìwé ìbéèrè lórí ètò iṣẹ́ alẹ́, 56 ló dá a padà. 42 nínú wọn ló fẹ́ ètò tuntun, 75% nìyẹn. 56 nínú 80 jẹ́ 70%, ó ju ti Adéṣọlá lọ. Mo ti ṣe àtúnṣe yín: 1 - 0.7, gbòǹgbò rẹ̀ 0.548, àlàfo mi wá di 6.3%. Mo fẹ́ kọ ọ́ fún ọ̀gá pé 69% sí 81% ló fẹ́ ẹ. Ó ti dára, àbí?

Àkàndé_Olùṣirò

Ìyá Tólú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì kọ ọ́. Ìṣirò yín kò ní àbùkù, àmọ́ ọ̀rọ̀ tiyín kì í ṣe irú ti Adéṣọlá.

Abọ́ ló yan àwọn 90 tí Adéṣọlá kò bi. Kò sí ohun tó ya àwọn wọ̀nyẹn sọ́tọ̀ ju àkọsẹ̀bá bébà lọ. Àwọn 24 yín ló fúnra wọn yàn pé àwọn kò ní dáhùn. Ó lè jẹ́ àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́ alẹ́ lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni, ó lè jẹ́ àwọn tí ètò tuntun kò tẹ́ lọ́rùn tí wọn kò fẹ́ kí a mọ̀. Àtúnṣe yìí gbà pé ẹni tí a kò gbọ́ tirẹ̀ dà bí ẹni tí a gbọ́ tirẹ̀, àyàfi ohun tí àkọsẹ̀bá bá fi yà wọ́n. Nígbà tí ìyẹn kò bá rí bẹ́ẹ̀, bí àwọn tó dáhùn bá ṣe ń pọ̀ sí i láìpé ni àlàfo ń dín kù lórí bébà, nígbà tí èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù kò yí padà rárá.

Ohun tí ẹ lè sọ láìpa irọ́ kankan ni èyí. 42 ti sọ pé bẹ́ẹ̀ ni. Bí gbogbo 24 tó kù bá sọ rárá, ó jẹ́ 42 nínú 80, 52.5%. Bí gbogbo wọn bá sọ bẹ́ẹ̀ ni, ó jẹ́ 66 nínú 80, 82.5%. Ẹ fi wé 69% sí 81% tí ẹ fẹ́ kọ. Ohun rere tó wà níbẹ̀ ni pé bó ti wù kó burú tó, ó ju ìdajì lọ, bó bá jẹ́ ìdajì ni ọ̀gá yín ń wá.

Bí ẹ bá sì ní agbára, ẹ lọ bá díẹ̀ nínú àwọn 24 náà fúnra yín. Ẹ mú 8 tàbí 10 láìwojú, kí ẹ sì rí i dájú pé ẹ gba èsì gbogbo wọn. Ìyẹn á kọ́ yín ju àtúnṣe èyíkéyìí lọ.

Ìyá_Tólú

Háà. Mo rò pé bí ìdá bá ti pọ̀ ni gbogbo nǹkan ṣe ń dára sí i. Ẹ ṣeun, mo ti dá lẹ́tà náà dúró.

Adéṣọlá_K

Ẹ jẹ́ n béèrè ìkejì. Nínú 150 wa, 90 jẹ́ obìnrin, 60 jẹ́ ọkùnrin. Ó dà bíi pé àwọn obìnrin fara mọ́ ọn ju ọkùnrin lọ. Gbajúmọ̀ ní kí n fi 0.614 dín ti ìfiwéra náà kù. Ẹ̀gbọ́n Àkàndé sì ní òun máa padà síbẹ̀.

Àkàndé_Olùṣirò

Mo ti padà. Ìbéèrè tí o fẹ́ dáhùn ló máa sọ fún ọ. Bó bá jẹ́ "nínú àwọn 240 yìí, lónìí, ṣé ìdá àwọn obìnrin tó fara mọ́ ọn ju ti ọkùnrin lọ?", àtúnṣe wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe 0.614 kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Ìwé orúkọ yín ni kó o fi mọ iye obìnrin àti iye ọkùnrin tó wà nínú ẹgbẹ́, kí o sì ṣe ti ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ká ní ọkùnrin 60 péré ló wà nínú ẹgbẹ́, tí ẹ sì ti bi gbogbo wọn, àṣìṣe tiwọn jẹ́ òdo. Obìnrin yóò jẹ́ 180, ẹ bi 90, àtúnṣe tiwọn jẹ́ gbòǹgbò 0.5, ìyẹn 0.707. Bó o bá fi 0.612 lu méjèèjì, o ti gbójú fo ohun tí o mọ̀ nípa ọkùnrin, o sì ti ṣe bí ẹni tó mọ̀ ju bó ṣe mọ̀ lọ nípa obìnrin.

Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ "ṣé jíjẹ́ obìnrin ló ń mú ènìyàn fara mọ́ ìdákọ tó pọ̀?", o ti kúrò lórí 240. Ohun tó ń fa ìwà lo ń wá, àwọn 240 yìí fúnra wọn sì jẹ́ àpẹẹrẹ ohun tó tóbi jù wọ́n lọ. Níbẹ̀, má ṣe àtúnṣe rárá. Tí ẹ bá tilẹ̀ bi gbogbo 240, iyèméjì ṣì wà.

Ọ̀mọ̀wé_Bísí

Mo gbà pẹ̀lú yín dé ìdajì, sà. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti sọ "kì í ṣe 240 nìkan la ń wá" di àwáwí. Ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ Adéṣọlá fẹ́ pinnu lórí àwọn 240 yìí, ìpinnu náà kò ní kan ẹlòmíràn. Kí ló dé tí a máa fi àlàfo ogunlọ́gọ̀ tí kò sí níbì kankan dẹ́rù bà wọ́n?

Àkàndé_Olùṣirò

Lórí ìbò, òótọ́ lo sọ. Ṣùgbọ́n owó tuntun yìí máa wà fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tuntun á wọlé, àwọn àtijọ́ á jáde. Bí wọ́n bá fẹ́ fi ìfiwéra yìí ṣètò fún obìnrin tó ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀, èmi kò ní dín àlàfo náà kù.

Ọ̀mọ̀wé_Bísí

Èmi máa kọ méjèèjì sínú ìròyìn, kí n sì sọ ìbéèrè tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń dáhùn. Ẹ jẹ́ ká fi í síbẹ̀.

Adéṣọlá, bó o bá ń lo R, má fi ọwọ́ ṣe é:

```
library(survey)
d$N <- 240
des <- svydesign(ids = ~1, data = d, fpc = ~N)
m <- svymean(~beeni, des)
confint(m)
```

`beeni` jẹ́ 1 tàbí 0 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, `N` sì gbọ́dọ̀ wà lórí ìlà gbogbo ènìyàn. 0.64 àti 0.0241 ló yẹ kó o rí.

Ọ̀fìn kan wà níbẹ̀. Ohun tí `fpc` ń fẹ́ ni iye àpapọ̀, 240, tàbí ìdá tí ẹ mú, 0.625. Bákan náà ló rí nínú Stata. Àwọn kan ti kọ́kọ́ ṣírò 0.612 ní ọwọ́, wọ́n á wá fi í síbẹ̀. Ẹ̀rọ náà á rò pé ìdá tí wọ́n mú ni, á sì tún ṣe gbòǹgbò (1 - 0.612), ìyẹn 0.623. Nọ́ńbà tó jáde á fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ èyí tó tọ́, ẹnikẹ́ni ò ní fura. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e lọ sí ibòmíràn, ká ní 30 péré ni ẹ mú nínú 240. Àtúnṣe tó tọ́ jẹ́ 0.935. Bí ẹ bá fi 0.935 síbẹ̀, ẹ̀rọ á lo 0.255, àlàfo yín á sì kéré ju ìdá kan nínú mẹ́ta ohun tó yẹ kó jẹ́. Bí àlàfo ènìyàn 30 bá ń tẹ́ ọ lọ́rùn jù, ibẹ̀ ni kó o kọ́kọ́ wò.

Gbajúmọ̀_Fọ́múlà

Mo dúpẹ́ fún ti ìfiwéra yẹn. Mo ti ń lo ọ̀kan ṣoṣo fún gbogbo rẹ̀ tipẹ́.

Adéṣọlá_K

Ó ti jáde bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, 0.0241. Ìgbìmọ̀ ní ká bi 50 sí i, pé àwọn á rí wọn níbi ìpàdé Sátidé. Ṣé ó máa tó?

Àkàndé_Olùṣirò

Kì í ṣe níbi ìpàdé. Ẹni tó ń wá sí ìpàdé lè má ní èrò kan náà pẹ̀lú ẹni tí kì í wá, ẹ ó sì ti ba yíyàn láìwojú tí ẹ fi mú 150 jẹ́. Abọ́ yín ṣì wà, bébà 90 ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ pò ó, ẹ mú 50 jáde, kí ẹ sì wá wọn kàn níbikíbi tí wọ́n bá wà. n á di 200, àtúnṣe á di gbòǹgbò (1 - 200/240), ìyẹn 0.408. Bí ìpín bá dúró ní 64%, àlàfo á jẹ́ 2.7%, bí ènìyàn 6 tàbí 7 sókè àti sísàlẹ̀. 64% ti 240 jẹ́ 154, nítorí náà 160 á ṣì wà ní etí àlàfo náà.

Bí mo bá wà nípò yín, bí agbára bá ká a, gbogbo 90 ni mo máa bi. Ẹ máa kà bí ẹ ṣe ń bi wọ́n. Bí bẹ́ẹ̀ ni bá ti pé 160, kò sí àlàfo mọ́, ẹ ti kà á. Bí rárá bá ti pé 81, kò lè pé 160 mọ́ láé, ẹ lè dúró níbẹ̀. 54 ni rárá tó wà lọ́wọ́ yín báyìí, nítorí náà 27 sí i ló kù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró láàárín, kí ọ̀kan nínú méjèèjì tó ṣẹlẹ̀, nítorí pé nọ́ńbà náà ti wù yín, ẹ má fi àlàfo kankan sí i.